Orí Kẹsàn-án: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lẹ́yìn Àyájọ́ Ìgbéyàwó tí A Gbàgbé

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọkọ kọ sí aya, tàbí tí aya kọ sí ọkọ, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn gbàgbé àyájọ́ ìgbéyàwó wọn jẹ́ ẹ̀yà kan lára lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀. Kò nílò àdírẹ́sì, kò sì nílò àkọlé. Lóde òní, orí fóònù ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, ìyẹn lórí Wasáàpù tàbí gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, kì í sì í ju ìpínrọ̀ kan sí méjì lọ. Kíkúrú rẹ̀ gan-an ni ó mú un nira. Nínú lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta, gbólóhùn kan tí kò bójú mu lè sá pamọ́ sáàárín àwọn yòókù. Nínú gbólóhùn mẹ́jọ, òun gan-an ni ẹni tí a kọ ọ́ sí yóò máa kà ní àkàtúnkà.

Ohun tí a ṣẹ̀ gan-an

Kí ènìyàn tó kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń bẹ̀ lé lórí. Èyí dà bí ohun tó hàn gbangba, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó kọ “má bínú pé mo gbàgbé àná” gbà pé ohun kan ṣoṣo ni òun ṣe, ìyẹn ni pé déètì kan fò òun. Lójú ẹni tó jókòó sílé, ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnìkejì rẹ̀ gbàgbé ọjọ́ náà. Ó yẹ àdéhùn tó ti ṣe. Kò pè. Ó sì jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn rí i bí a ṣe ń retí rẹ̀ lásán. Lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbígbàgbé ló sábà máa ń fúyẹ́ jù, òun nìkan ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì máa ń dárúkọ.

Ọjọ́ tí a ń sọ náà gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá ló ní ju ọjọ́ kan lọ: ọjọ́ ìdána, ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì, àti ọjọ́ kọ́ọ̀tù nígbà mìíràn. Tọkọtaya kan lè máa ka ọdún wọn láti ọjọ́ ìdána, kí òmíràn má sì ka ìyẹn sí. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ tí kì í ṣe èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí èyí, àṣà kíka ọdún ìgbéyàwó lórí kàlẹ́ńdà kì í ṣe ohun àtayébáyé láàárín Yorùbá, àwọn kan a sì máa fi ìyẹn gbèjà ara wọn: “Àwọn bàbá wa kò ṣe é.” Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ibùgbé nínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Bí ọkọ bá ti bá aya rẹ̀ ṣe ọdún kìíní, ìkejì àti ìkẹta, àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ di àṣà ilé wọn, àṣà ilé wọn sì ni ó rú.

Àwáwí àti àlàyé

Àwáwí ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ kí ẹ̀bi tó wà lórí rẹ̀ lè dínkù. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ irọ́. Iṣẹ́ lè pọ̀ lóòótọ́, ọ̀gá lè le koko lóòótọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì ṣì jẹ́ àwáwí nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìwé náà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a yọ gbólóhùn náà kúrò kí a tún ìwé náà kà. Bí ẹ̀bi òǹkọ̀wé bá wúwo sí i lẹ́yìn tí a yọ ọ́, àwáwí ni. Bí ohun kan tí ó yẹ kí ẹnìkejì mọ̀ bá sọnù, àlàyé ni.

Ẹ wo ọkọ tí mọ́tò rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní alẹ́ àyájọ́ náà, tí wọ́n sì gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí rárá. Ìròyìn tó gbọ́dọ̀ tètè dé etí aya rẹ̀ ni, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọkọ tó wà nínú ìpàdé ní ọ́fíìsì títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì dá àwọn oníbàárà lóhùn, kò lè fi ìpàdé náà ṣe ìdí. Ìpàdé náà sọ ibi tó wà fún ni. Kò sọ ìdí tí kò fi pe ilé.

Èdè Yorùbá fún òǹkọ̀wé ní ọ̀nà púpọ̀ láti gbé ẹ̀bi kúrò lórí ara rẹ̀ láìmọ̀. “Ìgbàgbé ló ṣe mí.” “Ó yọ lọ́kàn mi.” “Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n rímú mí.” “Iṣẹ́ Èṣù ni.” Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ohun mìíràn ni olùwà, òǹkọ̀wé sì di ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Ìgbàgbé ni ó ṣe é, iṣẹ́ ni ó dí i lọ́wọ́, Èṣù ni ó tì í. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí ojú àti ohùn wà níbẹ̀ láti fi hàn pé ó dun ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà. Nítorí náà, ó yẹ kí òǹkọ̀wé fa ìlà sábẹ́ olùwà gbogbo gbólóhùn tó bá mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ibi tí kò bá ti rí “mo” tàbí “èmi ni”, kí ó tún un kọ: “Mo gbàgbé.” “N kò pè ọ́.” “Èmi ni mo ní kí o retí mi.”

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì tún wà tó máa ń tú ohun tí a ti kọ́ ká. Èkíní ni “ṣùgbọ́n”. Ohun yòówù tó bá ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ohun tó tẹ̀lé e ni ẹnìkejì yóò rántí. Èkejì ni “bí” tàbí “tí ó bá”, bíi “bí ó bá dùn ọ́, foríjì mí.” Ẹni tó kọ èyí ń ṣe iyèméjì bóyá ẹnìkejì rẹ̀ ní ìdí láti bínú. Ó sàn kí ó má kọ ìwé kankan ju kí ó fi iyèméjì ránṣẹ́ lọ.

Ohun tó wúwo jù nínú ẹ̀bẹ̀

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹ̀bẹ̀ wò. Nínú ìwé tí Erving Goffman tẹ̀ jáde ní 1971 lórí ìbáṣepọ̀ ní gbangba, ó ṣàlàyé pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì: apá kan tó jẹ̀bi, àti apá kejì tó dúró ti ẹni tí a ṣẹ̀, tó bá a dá apá àkọ́kọ́ lẹ́bi. Àwáwí ba ìpín yìí jẹ́, nítorí apá kejì kò dúró ti ẹni tí a ṣẹ̀ mọ́; ó ti di agbẹjọ́rò fún ti àkọ́kọ́.

Ní 2016, Roy Lewicki, Beth Polin àti Robert Lount tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ohun mẹ́fà tó máa ń wà nínú ẹ̀bẹ̀: kíkẹ́dùn, àlàyé ohun tó fà á, gbígbà pé ẹ̀bi ẹni ni, ìpinnu pé kò ní wáyé mọ́, ìmúra láti tún un ṣe, àti títọrọ àforíjì. Gbígbà pé ẹ̀bi ẹni ni ló wúwo jù lójú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, àtúnṣe ló tẹ̀lé e, títọrọ àforíjì ló sì fúyẹ́ jù. Ọ̀ràn iṣẹ́ ni wọ́n gbé ka iwájú wọn, ìyẹn oníṣirò owó kan tó kọ ìwé owó orí oníbàárà rẹ̀ ní àkọkúrò, nítorí náà a kò lè gbé èsì rẹ̀ lé orí ìgbéyàwó láìkíyèsára. Síbẹ̀, ó tọ́ka sí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwa. Ẹ̀bẹ̀ Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ ìtọrọ: jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́, dákun, foríjì mí, fiyè dénú. Ó rọrùn láti fi wọ́n kún ìwé dẹ́nu, kí ó má sì sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó sọ ohun tí òǹkọ̀wé ṣe. Ìtọrọ ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀; gbígba ẹ̀bi ló ń fún un ní nǹkan.

Bí a ṣe ń pe ẹnìkejì

Orúkọ tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bí òǹkọ̀wé ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń pe aya rẹ̀ ní orúkọ àkọ́bí wọn, bíi “Ìyá Tọ́pẹ́”, tàbí ní “Màámi”, lójoojúmọ́ a máa yà sí oríkì rẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá dé: Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àdùnní. Oríkì dára bí ó bá jẹ́ ohun tí ó máa ń pè é. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tó bá fẹ́ gba nǹkan nìkan ni ó máa ń rántí rẹ̀, aya náà yóò gbọ́ ìpọ́njú nínú rẹ̀. Aya tó ń kọ̀wé sí ọkọ tó máa ń fi “ẹ” bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi “ẹ” lọ, “Bàbá Tọ́pẹ́, mo gbàgbé àyájọ́ wa, n kò sì pè yín”. Èyí tó máa ń fi “o” bá a sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà sí “ẹ” nítorí ẹ̀bẹ̀, àfi bí ó bá fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rò pé ìjà ti dé. “Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja” àti “mo wà lórí ìkúnlẹ̀” pẹ̀lú nílò ìṣọ́ra. Kí ẹni tí kò ní ṣe é bí ó bá délé má kọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ kan yẹ̀ wò tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí aya àti ọmọ rẹ̀ méjì sì wà ní Ìbàdàn. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Àyájọ́ ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wọn bọ́ sí Ọjọ́rú, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Aya rẹ̀ se ìrẹsì ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ayamáṣe, ó wọ àwọn ọmọ láṣọ, ó sì pe ìyá rẹ̀ wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti gbé àwòrán ìgbéyàwó wọn sí ojú Wasáàpù rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ lù, ọkọ kò dé, kò sì pè. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó rí i pé àwòrán náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ó ti rántí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Àbẹ̀kẹ́ mi, olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́ má bínú. O mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀gá kò jẹ́ kí n rímú mí. Ìgbàgbé ló ṣe mí, kò sì sí ẹni tí kì í gbàgbé. Bí ó bá dùn ọ́, foríjì mí. O mọ̀ pé torí ẹ̀yin náà ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Màá ra fóònù tuntun fún ọ. Jọ̀ọ́ dá mi lóhùn kíá, ọkàn mi kò balẹ̀.”

Ìfẹ́ wà nínú ìwé yìí, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ibì kan tí ó ti sọ ọjọ́ wo ni ó gbàgbé, kò mẹ́nu ba ìlérí tó ṣe, kò sì mẹ́nu ba ìyá aya rẹ̀ tó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. “O mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó” fẹ́ kí aya náà fúnra rẹ̀ ṣe àwáwí fún un. “Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé” pín ẹ̀bi rẹ̀ fún gbogbo ayé. “Torí ẹ̀yin náà ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́” burú jù gbogbo wọn lọ, nítorí ó sọ ẹni tí a ṣẹ̀ di ẹni tó jẹ gbèsè ọpẹ́. Fóònù tuntun dé kí ọ̀rọ̀ tó dé, nítorí náà owó ìtánràn ni ó jọ. Gbólóhùn ìkẹyìn sì gbé iṣẹ́ lé aya náà lórí: òun tó yẹ kí a tù nínú ni a ní kí ó wá tu ẹlòmíràn nínú.

Ohun tó yẹ kí ó kọ nìyí:

“Àbẹ̀kẹ́, mo gbàgbé àyájọ́ ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa. Èmi ni mo sọ pé mò ń bọ̀ lálẹ́ àná. N kò wá, n kò sì pè. O se oúnjẹ, o múra fún àwọn ọmọ, o pe Màmá, ẹ sì dúró dè mí títí di aago mẹ́wàá. Mo jẹ́ kí o dá jókòó níwájú wọn bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò kà sí. Mo rí i pé o ti yọ àwòrán wa kúrò. Ẹ̀bi mi ni, kò sí ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé mo ṣe é sí ọ. Màá pe Màmá lónìí láti bẹ̀ wọ́n fúnra mi, màá sì wọlé lálẹ́ ọ̀la. Bí o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà, màá jókòó gbọ́ ọ. Bí o kò bá tíì fẹ́, màá dúró. Kò pọn dandan kí o fèsì sí èyí.”

Olùwà tó ń dá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé kejì ni “mo”. Ohun tí aya ṣe ní alẹ́ náà wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, oúnjẹ, ọmọ, ìyá àti aago, nítorí pé ohun tó ń dun ẹni tó retí títí ni pé kò sí ẹni tó rí ìretí òun. Kò méfò púpọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni ó sọ, ó sì fi gbólóhùn kan kún un nípa bí ìwà tirẹ̀ ṣe rí. “Ó dùn mí” kò wá títí a fi sọ ohun tó ń dunni. Àtúnṣe tó dárúkọ kò ná an lówó. Ìtìjú níwájú ìyá aya ni ohun tó bàjẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni àtúnṣe lọ. Kò tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò bá orí yìí jiyàn lórí èyí, wọn yóò ní ẹ̀bẹ̀ kì í pé láìsí “foríjì mí”. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kíkọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ bí àyè bá kéré, òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ yọ.

Ìgbà tó yẹ kí a fi ránṣẹ́

Cynthia Frantz àti Courtney Bennigson rí i nínú ìwádìí wọn ti 2005 pé ẹ̀bẹ̀ tó dé lẹ́yìn tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti rí àyè sọ tẹnu rẹ̀, tó sì rí i pé a gbọ́ òun yé, máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn ju èyí tó tètè dé lọ. Ní ti àyájọ́, èyí mú ìṣòro kan wá. Bí ọkọ náà bá dákẹ́ títí alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìdákẹ́jẹ́ náà yóò di ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ìwé náà lọ ní wákàtí tí ó rántí, kí ó má sì gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àpẹẹrẹ kejì fi fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí aya yóò sọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí ìwé náà lọ sí ojú Wasáàpù tí gbogbo ènìyàn ń wò, tàbí sínú ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀bẹ̀ gbangba ń fi agbára mú ẹnìkejì láti dáhùn ní gbangba. Ewu kan náà ló wà nínú rírán alábẹ̀bẹ̀. Àṣà tó níyì ni pé kí àgbà bá ni bẹ aya tàbí ọkọ, nígbà tí ìjà bá sì ti le, kò sí ohun tó tó o. Ṣùgbọ́n aya tí àgbà kúnlẹ̀ bẹ̀ kò lè kọ̀ láìjẹ́ aláìmọ̀wàáhù. Yóò gbà nítorí àgbà, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọkọ gbọ́dọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá a dá sí i.

Èsì àti ohun tó tẹ̀ lé e

“Kò burú” kì í ṣe àforíjì. “Mo ti gbọ́” náà kì í ṣe é. Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ń sọ pé ìwé dé, òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ìdí láti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí aya bá béèrè ọ̀rọ̀, kódà pẹ̀lú ìbínú, “Ibo lo wà? Ta ni o wà pẹ̀lú rẹ̀?”, ìyẹn sàn ju “kò burú” lọ, nítorí ó ti ṣílẹ̀kùn. Nígbà yìí ni àlàyé ń wúlò, torí pé òun ni ó béèrè fún un: “Mo wà ní ọ́fíìsì títí di aago mẹ́sàn-án. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí.” Gbólóhùn kejì yẹn ni kì í jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ di àwáwí.

Bí kò bá fèsì rárá, a kì í fi ìwé náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a kì í sì í fi àmì ìbéèrè tẹ̀ lé e. Ohun tí ọkọ sọ pé òun yóò ṣe ni kí ó ṣe: kí ó pe ìyá aya rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì wọlé ní alẹ́ tó dá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ìwé náà ti di ìlérí kejì tó já, kò sì sí bí a ṣe lè kọ ẹ̀kẹta kí ó ní láárí.

Ọ̀ràn tí ìwé ẹ̀bẹ̀ lásán kò lè gbé ni ti ẹni tó gbàgbé ní ọdún tó kọjá pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kejì, gbígba ẹ̀bi nìkan kò tó, nítorí aya ti ka irú rẹ̀ rí. Ìpinnu tí aya lè fojú rí ni kí ó wà nínú ìwé náà: déètì tó ti wọ kàlẹ́ńdà fóònù pẹ̀lú aago tí yóò dún ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tàbí ọjọ́ ìsinmi tí ó ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ fún àyájọ́ tó ń bọ̀. “Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́” kò ní ìwúwo kankan nínú ìwé ẹlẹ́ẹ̀kejì bí kò bá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.